Kọnkúù àti Ẹni Tí A Mọ̀ Lókè: Bí Wọ́n Ṣe Ń Gba Òṣìṣẹ́ Ìjọba ní Àjàṣẹ́

Láyé àwọn Faransé, ilé ìwé Victor-Ballot ní Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù ní Dahomey, tí à ń pè ní Benin báyìí, wá. Ẹni tó bá fẹ́ ti ibẹ̀ lọ sí ilé ìwé William-Ponty ní Sẹ̀nẹ̀gà gbọ́dọ̀ yege nínú kọnkúù, ìyẹn ìdánwò ìdíje, tí wọ́n ṣe pọ̀ fún gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Hubert Maga, ààrẹ wa àkọ́kọ́, gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ìwé tí wọ́n mọ̀ yìí ló jẹ́ kí àwọn èèyàn wa di akọ̀wé àti tíṣà títí dé Abidjan àti Niamey.

Ní 1958 wọ́n lé wọn kúrò ní Abidjan, ní 1963 Niger náà lé tiwọn. Wọ́n fi ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ padà sílé, ìjọba ò sì lè jẹ́ kí wọ́n máa rìn kiri. Ó gbà wọ́n síṣẹ́, títí owó oṣù fi ń gba ju ìdajì ìnáwó ìjọba lọ.

Lábẹ́ ààrẹ Kérékou, ẹni tó bá ti jáde yunifásítì ti ríṣẹ́ ìjọba nìyẹn, láìṣe kọnkúù. N kò ní pè é ní ojúsàájú, nítorí gbogbo wọn ni wọ́n gbà. Àmọ́ wọn ò wò ó bóyá iṣẹ́ wà tí wọ́n máa ṣe. Ní nǹkan bí 1987, owó ò tó mọ́, wọ́n dá gbígbà dúró. Nígbà tó fi máa di 1989, ìjọba ti jẹ gbèsè owó oṣù, àwọn tíṣà sì da iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìgbà tí àyè ò sí mọ́ ni mímọ ẹnìkan lókè wá di ohun tí gbogbo èèyàn ń wá. Kọnkúù padà dé, ó sì ní ọ̀nà tó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Wọ́n á gé orí ìwé ìdánwò tí orúkọ wà lára rẹ̀ kúrò, wọ́n á kọ nọ́ńbà kan náà sára méjèèjì, èèyàn méjì á máa máàkì rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìmọ ẹni tó ni í. Bí máàkì wọn bá jìnnà síra, wọ́n á fún ẹni kẹta. Níbi tó ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí wọ́n bá ń so nọ́ńbà pọ̀ mọ́ orúkọ padà, torí pé ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló ń rí i. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ wọ̀ ọ́, kó bèèrè ìwé ìdánwò ẹni tórúkọ rẹ̀ jáde. Bí orúkọ bá wà tí ìwé ò sí, ọ̀rọ̀ ti yé e. Ní 2016, ìjọba tuntun fagi lé àwọn kọnkúù kan tí wọ́n ṣe ní 2015.

Iṣẹ́ ló ń jìyà rẹ̀. Ẹni tí ẹni ńlá mú wọlé, ọ̀gá rẹ̀ ò lè bá a wí. Fáìlì rẹ̀, ẹni tó jókòó tì í ló ń bá a ṣe é. Kò ní pẹ́ tí ẹni yẹn náà á fi dẹwọ́, tí ìwé ìbí tó yẹ kí ará Kétu kan gbà láàárọ̀ á wá di èyí tó ń padà wá gbà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.