Ẹ Dágbére Fún Ọ̀rẹ́ Orí Fesibúùkù Kí Ẹ Tó Lọ

Bí ọ̀rẹ́ yín kan ní Gáà Àkànbí bá ṣàdédé dẹ́kun àtimáa yọjú, ẹ mọ ẹni tí ẹ máa bi. Aládùúgbò rẹ̀ wà, ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wà, àbúrò rẹ̀ náà á sì wà ní mọ́sálásí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ ti gbọ́ bóyá ìrìn-àjò ló lọ ni tàbí àìsàn ló dá a dúró. Ọ̀rẹ́ orí ẹ̀rọ tí ẹ ò fojú rí rí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó lè bi nípa yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kúrò níbẹ̀ láìsọ nǹkan kan, kò ní mọ̀ bóyá ẹ ti kú, bóyá ẹ ń bínú sí i ni, tàbí wọ́n jí fóònù yín gbé.

Pauline Boss, onímọ̀ kan tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí irú àdánù yìí láàárín àwọn ọdún 1970 sí 1979. Lára àwọn tó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ni ìdílé àwọn awakọ̀ òfuurufú tó sọnù sójú ogun Fiẹtináàmù. Ohun tó rí ni pé ẹni tí kò mọ̀ bóyá èèyàn òun wà tàbí kò sí kì í lè ṣọ̀fọ̀, kì í sì í lè fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ orí ẹ̀rọ kò wúwo tó ti ogun, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ìgbani-nímọ̀ràn tí mò ń ṣe ní Ìlọrin níbí, àìmọ̀ yẹn kan náà ni mo máa ń bá lọ́kàn ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ láìdágbére. Á máa padà ka àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ lákàtúnkà, á máa wá ibi tí òun ti ṣẹ̀.

Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà-Ọba wá sọ́dọ̀ mi nítorí àìsùn. Mo ti gba àṣẹ rẹ̀ kí n tó kọ èyí, mo sì ti yí ohun tí wọ́n lè fi dá a mọ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní Ìyá Àlíyù. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń ṣe ọmọ rẹ̀. Lórí Fesibúùkù ló ti pàdé obìnrin kan tó ń gbé ní Ìsẹ́yìn, tí àìsàn kan náà ń ṣe ọmọ tiẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi” ni Ìyá Àlíyù máa ń pè é. Ó ti mọ ohùn rẹ̀ dáadáa nítorí pé wọ́n jọ máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ránṣẹ́ síra wọn, ṣùgbọ́n wọn kò ríra rí. Nígbà tó pinnu láti kúrò lórí Fesibúùkù pátápátá, ohun tó kọ sínú fóònù tó fi hàn mí nìyí: “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń lọ o. Ẹ dárí jì mí. Ó dàbọ̀.”

Mo ní kó má tíì fi í ránṣẹ́. Ó yé mi pé àṣà wa ni kí a tọrọ ìyọ̀ǹda bí a bá fẹ́ rìn jìnnà, bí àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ti máa ń ṣe láti ilé dé ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka irú ọ̀rọ̀ yẹn ní Ìsẹ́yìn láago mọ́kànlá alẹ́, tó sì mọ̀ pé ara ọmọ ẹni tó kọ ọ́ kò le, á rò pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀ ni. Kò mọ ilé rẹ̀, kò ní nọ́ńbà aládùúgbò kankan. Nítorí náà, ohun tó yẹ kó ṣáájú nínú ìdágbére ni pé ara yín le. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń kúrò, ọjọ́ tí ẹ máa kúrò, àti ìdí rẹ̀.

A jókòó, ó sì tún un kọ báyìí:

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ara mi le, ara Àlíyù náà le. Mo fẹ́ kúrò lórí Fesibúùkù lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, torí pé ìdí rẹ̀ ni mò ń wà mọ́jú, n kì í rí oorun sùn mọ́. Ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá. Alẹ́ ọjọ́ tí ìrora gbé Àlíyù, ẹ ní kí n máa fún un lómi mu dáadáa, kí n fi nǹkan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé e lẹ́sẹ̀, kí n má sì dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí n tó gbé e lọ sọ́síbítù. N kò gbàgbé. Bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ mi tọrọ owó lọ́wọ́ yín lẹ́yìn èyí, kì í ṣe èmi o. Mo ṣì wà níbí títí di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ láti bá mi sọ.”

Ẹ wò ó pé kò kàn sọ pé “ẹ ṣeun fún gbogbo oore yín.” Oore kan ṣoṣo ló dárúkọ, ó sì sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìyẹn ló máa jẹ́ kí ẹni tó wà ní Ìsẹ́yìn mọ̀ pé ọ̀rẹ́ náà kì í ṣe eré. Ọ̀rọ̀ owó yẹn náà ṣe pàtàkì: àwọn oníjìbìtì lè fi fọ́tò yín ṣí ojú ìwé mìíràn, ọ̀rẹ́ tí kò mọ̀ pé ẹ ti lọ ni wọ́n sì máa rí mú.

Ọjọ́ díẹ̀ tó fi sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ Jímọ̀ kì í ṣe àṣejù. Ẹni tó bá fi ìdágbére ránṣẹ́ tán tó sì pa ojú ìwé rẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀ ti sọ tẹnu rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnì kejì sọ tiẹ̀. Ìbéèrè sábà máa ń wà, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù ni “Ṣé ẹ máa fún mi ní nọ́ńbà yín?” Ẹ ti pinnu ìdáhùn kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ìyá Àlíyù mọ̀ pé bí òun bá fún un, orí Wáásáàpù ni àìsùn náà máa ṣí lọ. Ó dá a lóhùn pé òun kò ní lè fún un, ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìṣe ìlérí “bó bá yá.” Ó dun ẹ̀gbọ́n náà. Kò fèsì títí di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìgbà yẹn ló wá fi ohùn ránṣẹ́, ó ń ṣàdúrà fún Àlíyù.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ẹ bá pàdé níbẹ̀ ni ẹ jẹ ní gbèsè ìdágbére o. Ẹni tó bá ń fi àwòrán yín halẹ̀ mọ́ yín, tàbí tó ń fi ẹ̀tàn gbowó lọ́wọ́ yín, ẹ dènà rẹ̀ kí ẹ sì máa lọ. Bí ẹ bá lọ sọ fún un pé ẹ ń lọ, ẹ kàn fún un láyè láti tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i ni.

Ọ̀rọ̀ kù lórí títẹ bọ́tìnì. “Deactivate account” kàn ń fi ojú ìwé yín pamọ́ ni, Messenger sì ṣì lè máa ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá dágbére tán tí ẹ sì tẹ ìyẹn, tí ẹ wá tún yọjú lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀rẹ́ yín kò ní gba ìdágbére yín gbọ́ mọ́. “Delete account” ló ń pa á rẹ́. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ kó ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe ìrántí sínú fóònù. Ìyá Àlíyù tọ́jú ohùn àdúrà yẹn, torí pé kò ní rí i mọ́ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tiẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tó ti fi ránṣẹ́ sí i kò parẹ́. Orúkọ àti fọ́tò rẹ̀ nìkan ló máa kúrò lórí wọn.

Fesibúùkù máa ń fún èèyàn ní 30 ọjọ́ láti yí ọkàn padà, píparẹ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sì lè gbà tó 90 ọjọ́. Láàárín 30 ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má wọlé padà láti lọ wò bóyá ọ̀rẹ́ yín tún kọ nǹkan. Bí ẹ bá ti fi ọ̀rọ̀ ìwọlé yín wọlé, wọ́n á gbé bọ́tìnì “Cancel deletion” síwájú yín, ẹni tí àárò ọ̀rẹ́ ń sọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń tẹ̀ ẹ́.