Sójà kan, ìyàwó rẹ̀, àti ìbéèrè bóyá òfin burúkú jẹ́ òfin

Ní ọdún 1944, sójà Jẹ́mánì kan gba ààyè wá sílé láti ojú ogun. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń sọ̀rọ̀, ó bú Hitler. Ó ní ó dun òun pé àwọn tó fẹ́ pa ọkùnrin náà ní July 20 kò rí i pa. Ìyàwó yìí ti ní ọkùnrin mìíràn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà lójú ogun, ó sì ti ń wá bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ olórí ẹgbẹ́ Násì àdúgbò lọ, ó ro ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ fún un. Ilé ẹjọ́ ológun ní kí wọ́n pa sójà náà. Wọn kò pa á ṣá. Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì dá a padà sójú ogun.

Nígbà tí ogun parí tí ìjọba Násì sì ti wó, ọ̀rọ̀ yí padà sí obìnrin náà. Ní 1949, ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Bamberg. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ó fi ọ̀nà àìtọ́ gba òmìnira lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ti wà nínú ìwé òfin Jẹ́mánì láti 1871. Ohun tó fi gbèjà ara rẹ̀ kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: òfin tó wà nígbà náà ni ọkọ òun rú, ilé ẹjọ́ ló sì dá a lẹ́bi. Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó fi arúfin sùn?

Ẹjọ́ yìí ni àwọn amòfin ayé fi tún àríyànjiyàn àtijọ́ kan dá sílẹ̀. Augustine, olùkọ́ ìjọ Kristẹni àtijọ́, ti sọ ọ́ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀jọ ọdún ó lé sẹ́yìn pé lójú òun, òfin tí kò bá tọ́ kì í ṣe òfin. Thomas Aquinas, onímọ̀ ìsìn Kristẹni ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, gba ibẹ̀ kọjá, ó ní irú òfin bẹ́ẹ̀ jẹ́ òfin tó ti bàjẹ́. Àwọn ènìyàn kì í sábà rántí apá kejì ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé ènìyàn lè tẹ̀ lé e nígbà mìíràn kí ìlú má baà dàrú. Èyí ni ọ̀nà òfin ìṣẹ̀dá: òfin gíga kan wà lókè òfin tí ọba tàbí ìjọba ń ṣe, òun ni a fi ń wọn èyí tó wà nísàlẹ̀.

John Austin, amòfin ará Ìlú Ọba, ya ọ̀nà kejì ní 1832. Ó ní wíwà òfin lọ́tọ̀, dídára rẹ̀ lọ́tọ̀. Ó fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ tí wọ́n fẹ́ pa nítorí ohun tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Kí ó pariwo títí pé òfin Ọlọ́run tako òfin náà, ilé ẹjọ́ yóò so ó rọ̀, ibẹ̀ ni àròyé rẹ̀ yóò parí sí. Austin kò sọ pé pípa náà dára. Ohun tó ń sọ ni pé bí a bá fẹ́ mọ ohun tí òfin jẹ́, kí a wo ohun tí aláṣẹ fi lélẹ̀, kí a fi ti dídára sílẹ̀ fún ìbéèrè mìíràn. Ọ̀nà òfin àfilélẹ̀ nìyẹn.

Gustav Radbruch ló kó ìbéèrè yìí wọ ilé ẹjọ́ Jẹ́mánì lẹ́yìn ogun. Ó ti ṣe mínísítà ètò ìdájọ́ rí kí Násì tó dé, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Heidelberg ní 1933. Ní 1946, ó kọ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan. Ó ní àṣà "òfin ni òfin" ló gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn amòfin Jẹ́mánì nígbà tí Násì dé. Ìlànà tó fi rọ́pò rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le: òfin tí ìjọba ṣe ni kí adájọ́ tẹ̀ lé, kódà bí kò bá tọ́, àfi bí àìtọ́ rẹ̀ bá pọ̀ kọjá ohun tí a lè fara dà. Bí àwọn tó ṣe é bá sì mọ̀ọ́mọ̀ sẹ́ pé ènìyàn dọ́gba, kò ní ohun tí à ń pè ní òfin nínú rárá. Èmi kò gbà pé "òfin ni òfin" ló fa ìparun náà. Ọ̀pọ̀ adájọ́ Násì kò tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ òfin rárá, ṣe ni wọ́n ń yí i kí ó lè bá ìfẹ́ Hitler mu.

Ní 1958, ìwé àtìgbàdégbà òfin ti Harvard gbé àríyànjiyàn H. L. A. Hart, olùkọ́ òfin ní Oxford, àti Lon Fuller, olùkọ́ òfin ní Harvard, jáde. Ẹjọ́ obìnrin Bamberg náà wà láàárín wọn. Hart gbà pé ó yẹ kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ bí ìlú bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣe òfin tuntun tó máa ká ohun àná mọ́ra, kí wọ́n sì jẹ́wọ́ pé òfin tó ń padà sẹ́yìn mú ènìyàn burú ní tirẹ̀. Lójú Hart, bí a bá ní òfin Násì kì í ṣe òfin, a ti fi ọ̀rọ̀ kan bo ìrora yíyàn láàárín ibi méjì mọ́lẹ̀.

Èsì Fuller ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ó ṣí ìwé òfin náà fúnra rẹ̀. Òfin 1938 tó wà fún ìgbà ogun ń bá ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ní gbangba wí. Báwo ni ohun tí ọkọ sọ fún ìyàwó rẹ̀ nínú ilé ṣe di gbangba? Adájọ́ tó ka "gbangba" sí ohun tó wù ú kò tẹ̀ lé òfin náà, òfin burúkú kẹ̀. Fún Fuller, ìjọba tó ń ṣe òfin ní ìkọ̀kọ̀, tó ń padà sẹ́yìn mú ènìyàn, tí àwọn adájọ́ rẹ̀ kò sì ka ọ̀rọ̀ inú òfin sí, ti pàdánù ohun tó sọ òfin di òfin, kí a tó béèrè bóyá òfin náà tọ́.

Nǹkan kan wá ṣẹlẹ̀ ní 1960. Ọ̀mọ̀wé kan, H. O. Pappe, padà lọ ka ìdájọ́ Bamberg gan-an, ó sì rí i pé ìròyìn tí Hart àti Fuller gbára lé kò tọ́. Ilé ẹjọ́ náà kò sọ pé òfin Násì kì í ṣe òfin. Ó pè é ní òfin tó le kọjá ààlà, ó sì gbà á ní òfin, nítorí ohun tó béèrè lọ́wọ́ aráàlú ni pé kí wọ́n dákẹ́. Obìnrin náà ni ó dá lẹ́bi, nítorí kò sí ẹni tó fipá mú un fẹjọ́ sùn: òun fúnra rẹ̀ ló yàn láti fi òfin náà ṣe ohun ìjà sí ọkọ rẹ̀. Hart gba àtúnṣe yìí nínú ìwé tó gbé jáde ní 1961.

Ibi tí ìlànà Radbruch ti ṣiṣẹ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ àṣẹ kan tí Násì gbé jáde ní November 1941, èyí tó gba ìwé ọmọ ìlú lọ́wọ́ àwọn Júù Jẹ́mánì tó wà lẹ́yìn odi. Ní 1968, ilé ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ ní láti sọ bóyá amòfin Júù kan tó sá lọ sí Amsterdam, tí àwọn Násì sì kó lọ ní 1942, jẹ́ ọmọ Jẹ́mánì títí tó fi kú, nítorí ogún rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn. Àwọn adájọ́ ní àṣẹ 1941 náà kò fìgbà kan jẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n bí kò bá jẹ́ òfin rí, gbogbo Júù tó sá lọ ṣì jẹ́ ọmọ Jẹ́mánì títí di òní, àti àwọn tí kò fẹ́ fojú kan orílẹ̀-èdè náà mọ́. Ilé ẹjọ́ náà ní láti fi ọ̀rọ̀ kan kún un pé ẹni tó bá ti fi hàn pé òun kò fẹ́ ẹ, kí wọ́n má fipá kà á mọ́ ọmọ Jẹ́mánì.