Bí Ìlà Àkọ́kọ́ Ṣe Dé Orí Ìwé Ara Ògiri Wa

Ìwé kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ iná mànàmáná wa ní Mọ̀lípà, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun ni mo máa ní kó kọ́kọ́ kà kó tó mú pláyà lọ́wọ́. Ohun tó wà lókè rẹ̀ ni pé: “Má so búlúù mọ́ búlúù títí o ó fi wọn ọ́n.” Àwọn ọmọ máa ń béèrè pé, ṣé kì í ṣe nítorí kí á lè so àwọ̀ mọ́ àwọ̀ ni wọ́n ṣe kun wáyà ni? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọ̀ ti yí padà láàárín ọ̀nà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló mú iná mànàmáná wọ ilẹ̀ wa, àwọ̀ tiwọn la sì fi kọ́ṣẹ́: pupa ni láìfù tó ń gbé iná wá, dúdú ni níútírà tí iná ń gbà padà, aláwọ̀ ewé ni áàtì tó lọ sínú ilẹ̀. Níbi tí fésì mẹ́ta bá ti wọlé, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni láìfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dúdú sì ni níútírà wọn. Ó ṣì wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn di òní. Bí iná bá lọ ní apá kan àdúgbò tí apá kejì ṣì mọ́lẹ̀, ẹ ó gbọ́ pé, “Yẹ́lò fésì ló lọ.”

Ní nǹkan bí 1970, Òyìnbó yí àwọ̀ wáyà rírọ̀ tó ń ti ara áyọ́ọ̀nù àti fáànù wá padà, kó lè bá ti àwọn ará Yúróòpù yòókù mu. Láìfù di búráùn, níútírà di búlúù, áàtì sì di aláwọ̀ ewé oníìlà yẹ́lò. Wọn ò fọwọ́ kan wáyà inú ògiri títí di 2004. Láti oṣù kẹrin 2006, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni tún fi àwọ̀ àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Fésì mẹ́ta wá di búráùn, dúdú àti àwọ̀ eérú. Ẹ wò ó dáadáa: búlúù tó jẹ́ láìfù tẹ́lẹ̀ ti di níútírà, dúdú tó jẹ́ níútírà sì ti di láìfù. Ṣọ́ọ̀bù kan náà la ti ń ra oríṣi méjèèjì níhìn-ín.

Ọwọ́ mi ni ìlà yẹn ti wá. Ọmọ iṣẹ́ mi kan fẹ́ fa iná lọ sí yàrá ẹ̀yìn nínú ilé àtijọ́ kan tó ní fésì mẹ́ta. Ó bá wáyà mẹ́rin nínú bọ́ọ̀dù: pupa, yẹ́lò, búlúù, dúdú. Wáyà tuntun ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ búráùn àti búlúù. Ó so búráùn mọ́ pupa, ó so búlúù mọ́ búlúù. Nígbà tó tan iná, gílóòbù funfun báláú, ó sì fọ́. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó sì ń rùn.

Nígbà tí mo dé, mo fi mítà wọn búráùn sí áàtì: nǹkan bí 230 fólítì. Ìyẹn dára. Mo wọn búlúù sí áàtì, òun náà jẹ́ 230. Ibẹ̀ ló ti hàn sí mi, nítorí níútírà gidi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fi nǹkan kan hàn sí áàtì. Láàárín búráùn àti búlúù, mítà sún mọ́ 400. Láìfù méjì ló gbé fún fáànù. Bí fésì kan bá jẹ́ 230, láti fésì sí fésì ẹ sọ ọ́ ní ìlọ́po 1.732, ó di 398. Mo pa iná pátápátá, mo yọ búlúù tuntun náà kúrò, mo so ó mọ́ dúdú. Mo wé téèpù búlúù mọ́ orí dúdú àtijọ́ náà, mo sì wé téèpù búráùn mọ́ búlúù àtijọ́, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa ṣìnà.

Ọmọ náà ní òun lo tẹ́sítà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n pupa nìkan ló fi kàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí ìlà kejì: lẹ́yìn tí o bá pa iná, kọ́kọ́ fi tẹ́sítà kan ibi tí o mọ̀ pé iná wà, kó lè dá ọ lójú pé ó ń ṣiṣẹ́. Wá wọn láìfù sí níútírà, láìfù sí áàtì, níútírà sí áàtì. Lẹ́yìn náà, padà síbi tí iná wà, kí o tún fi tẹ́sítà kàn án. Tẹ́sítà tó kú láàárín iṣẹ́ máa ń sọ fún ọ pé kò síná, nígbà tí iná wà.

Ìsàlẹ̀ ìwé ni mo ya sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta sí. Bí o bá kọjú sí i, ihò òkè ni áàtì, ti ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀ ni láìfù, ti ọwọ́ òsì ni níútírà. Bí o bá yí i padà láti so wáyà, láìfù á bọ́ sí ọwọ́ òsì. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo kọ́kọ́ yà. Lẹ́yìn tí ọmọ méjì ti so ó ní òdì, mo ya ẹ̀yìn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, mo sì kọ L, N àti E sí ibi tí wọ́n wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an, nítorí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ máa ń wà.