Lẹ́tà ìdúpẹ́ fún ọ́dà ńlá: kí ni ọjọ́ inú rẹ̀ ń sọ gan-an?

A san àsansílẹ̀ fún báàgì aṣọ 6,000 ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, 2026. Ilé iṣẹ́ kọ̀wé pé àwọn dúpẹ́, pé ọjà máa jáde ní ọjọ́ 17 àti 29 oṣù Kẹfà. Ṣé ọjọ́ tó máa dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn? Kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Rárá, ọjọ́ tí ọjà máa kúrò ní ilé iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ fi ọjọ́ tí ọkọ̀ máa lò lójú ọ̀nà kún un.

Ní ti pípẹ́, ọjọ́ tí ẹ sanwó kọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: kí àsansílẹ̀ ti wọ àkáǹtì, kí aṣọ tó tó iṣẹ́ náà wà nílẹ̀, kí oníbàárà sì ti fọwọ́ sí àpẹẹrẹ. Èyí tó bá pé kẹ́yìn ni wọ́n ń kà látorí rẹ̀. Ká ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún lẹ tó fọwọ́ sí àpẹẹrẹ. Wọ́n á fi ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 29, ṣe férémù tí wọ́n fi ń tẹ àmì, gígé aṣọ á wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ náà máa gbà?

Ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ́ra jù lọ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀.

Ká ní àwọn tó ń gé aṣọ lè gé ti báàgì 1,500 lójúmọ́, àwọn tó ń tẹ àmì lè tẹ 600, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́jọ sì wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rán 50. Àpapọ̀ rírán jẹ́ 400 lójúmọ́, òun ló sì kéré jù. Nítorí náà, bó ti wù kí gígé yá tó, 6,000 máa gba ọjọ́ iṣẹ́ 15 lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ilé iṣẹ́ tó bá fi ti gígé ṣírò, tó sì ṣèlérí ọjọ́ mẹ́rin, ti purọ́ fún oníbàárà láìmọ̀.

Àmọ́ ọjọ́ 15 yẹn nìkan kọ́. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń gé, tí wọ́n sì ń tẹ àmì, kí àwọn aránṣọ tó rí nǹkan rán. Orí aṣọ tí wọn ò tíì rán ni wọ́n ti ń tẹ àmì, torí pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ; bí báàgì bá ti di rírán, ojú ìrán á gbé aṣọ sókè, àmì á sì wọ́. Rírán á wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, á parí ní ọjọ́ 23. Ọjọ́ 24 wà fún àyẹ̀wò ìkẹyìn àti dídì sínú páálí. Ọjọ́ 25 àti 26 ni wọ́n fi pamọ́ de ìjàǹbá: iná tó lọ, ẹ̀rọ tó bàjẹ́, báàgì tó kùnà àyẹ̀wò. Èyí jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 20, láìka Sátidé àti Sọ́ńdè. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ 29.

Nítorí èyí tó máa bàjẹ́, wọn kì í gé 6,000 géérégé. Bí wọ́n bá fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ti báàgì 6,180 ni wọ́n máa gé. Ilé iṣẹ́ tí kò bá gé àlékún máa tún wá aṣọ kiri nígbà tó bá ku báàgì bíi 40, aṣọ tuntun yẹn sì lè má bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba ní àwọ̀.

Ṣé dandan ni kí wọ́n pín in sí ìgbà méjì?

Rárá. Kó máa ṣẹlẹ̀ kìkì bí oníbàárà bá gbà, kí wọ́n sì kọ ẹni tó máa san owó ọkọ̀ ìgbà kejì.

Àwa la ń ṣe ọjà. Ṣé "ẹ ṣé, a ti rí ọ́dà yín" kò tó?

Kò tó. Ó dùn létí, àmọ́ kò sí ohun tí oníbàárà lè dì mú nínú rẹ̀. Ẹ dúpẹ́ ní gbólóhùn kan, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ gbà láti ṣe. Bí èyí:

> Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ìnáwó. A dúpẹ́ gan-an fún ọ́dà yín ti ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún: báàgì aṣọ funfun 6,000, àmì aláwọ̀ kan, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ tí ẹ fọwọ́ sí lónìí, ọjọ́ 28. Gígé máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà. Báàgì 3,000, nínú páálí 30, máa kúrò lọ́dọ̀ wa ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 17. 3,000 yòókù, nínú páálí 30, á tẹ̀ lé e ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29. Ọkọ̀ sábà máa ń lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ohunkóhun níbí bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tó wa létí kó tó di ọ̀sán ọ̀la.

Ẹ kíyè sí i pé a dárúkọ àpẹẹrẹ àti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ lẹ́yìn náà pé àmì náà kéré jù, àpẹẹrẹ yẹn ni gbogbo wa máa padà sí. Ẹ sì máa kọ ọjọ́ àti oṣù gangan. "Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin" á dá ìjà sílẹ̀, torí pé kálukú ló mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka tiẹ̀.

Bí ohun tó wà nínú lẹ́tà wọn bá yàtọ̀ sí ohun tí a béèrè ńkọ́?

Ẹ fèsì lọ́jọ́ náà gan-an, kó wà lákọsílẹ̀. Nínú àdéhùn àgbáyé lórí títa ọjà láàárín orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n ṣe ní ìlú Fìẹ́nà ní 1980, abala 19 sọ pé ìdáhùn tó yí iye owó, iye ọjà, ìdára rẹ̀, ọ̀nà ìsanwó tàbí ìgbà àti ibi tí wọ́n máa kó o dé padà kì í ṣe "a gbà". Ohun tuntun ni wọ́n ń fi lọ̀ yín. Kì í ṣe gbogbo ọ́dà ni àdéhùn yẹn dé, òfin orílẹ̀-èdè yín sì lè yàtọ̀. Àmọ́ ẹni tó rí ìyàtọ̀, tó dákẹ́, tó sì gba ọjà wọlé, ti sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ di èyí tó ṣòro gbà gbọ́.

Báwo la ṣe máa tètè mọ̀ pé ọjọ́ fẹ́ yẹ̀?

Ẹ béèrè iye tí wọ́n ti rán, ẹ má béèrè "ṣé ẹ ń ṣe é?" Nínú ìṣirò wa, ó yẹ kí 3,000 ti di rírán ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12. Bó bá jẹ́ 2,400 ni wọ́n ní nígbà yẹn, wọ́n ti fi ọjọ́ kan àti ààbọ̀ rẹ̀yìn. Ọjọ́ 29 ṣì lè dúró, torí pé ọjọ́ méjì wà ní ìpamọ́, àmọ́ ọjọ́ 17 ti wà nínú ewu. Bó bá jẹ́ 2,000, ọjọ́ méjì ààbọ̀ ni. Ìpamọ́ ò tó mọ́ àyàfi kí wọ́n fi Sátidé kún un.

Ohun tó sábà máa ń fa èyí ni kí oníbàárà yí àmì padà lẹ́yìn tó ti fọwọ́ sí i. Férémù tuntun nìyẹn, aṣọ tí wọ́n ti tẹ̀ á sì ṣòfò. Èkejì ni yíǹkì tí ooru kò dé inú rẹ̀. Ó lè gbẹ lójú, kó sì máa ṣí kúrò bí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Kí ilé iṣẹ́ fọ díẹ̀ wò lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, kí wọ́n tó tẹ èyí tó kù.

Bí ọjọ́ 17 bá kọjá tí ọjà ò jáde, kí ni kí a ṣe?

Ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: iye tó ti wà nínú páálí, iye tó kù láti rán, àti ọjọ́ tuntun tí wọ́n fi ìṣirò gbè lẹ́sẹ̀. Bí páálí 24 bá ti wà nílẹ̀, ẹ lè ní kí wọ́n kó ìyẹn wá, kí 6 tó kù bá ti ọjọ́ 29 wọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé, ẹ ka páálí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé awakọ̀. Bó bá dín, ẹ kọ iye tí ẹ rí gan-an sórí ìwé náà, kí òun náà sì fọwọ́ sí i.