Kí ló dé tí fíláàṣì mi ń jẹ́ ìpè onífọ́tò ẹlòmíràn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ya fọ́tò. Níbi ìgbéyàwó kan ní Sátidé tó kọjá, fíláàṣì orí kámẹ́rà mi ń tàn nígbà tí mi ò tẹ nǹkan kan. Bí èmi fúnra mi bá wá tẹ kámẹ́rà, kì í tàn. Nílé, bí mo bá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń tàn dáadáa. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò mi, má tíì gbé e lọ fún alátùn-únṣe. Wo ojú gíláàsì ẹ̀yìn fíláàṣì náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé S1 tàbí S2 lo máa bá níbẹ̀, kì í ṣe M. Ọwọ́ máa ń ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì tó ń yí ipò padà nígbà tí a bá ń fa fíláàṣì yọ nínú báàgì.

Bí fíláàṣì bá wà ní M, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń gbọ́ràn. Ẹsẹ̀ yẹn la máa ń kì bọ họ́ọ̀tù-ṣúù tó wà lórí kámẹ́rà. Irin róbótó kan wà láàárín rẹ̀ tó ń fara kan irin àárín họ́ọ̀tù-ṣúù, ibẹ̀ sì ni kámẹ́rà ń gbà pàṣẹ pé kó tàn. Ní S1, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń gbọ́. Fíláàṣì náà ní ojú kékeré kan tó ń ṣọ́ iná, èyí tó sábà máa ń wà lẹ́yìn gíláàsì pupa iwájú rẹ̀. Fíláàṣì yòówù tó bá tàn nínú yàrá náà, tìrẹ á bá a tàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí èèyàn lè gbé fíláàṣì kan sí kọ̀rọ̀ láìfa wáyà, kí fíláàṣì mìíràn sì máa pè é.

Ó dára nínú sítúdíò tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lò ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi ìgbéyàwó, onífọ́tò ìyàwó wà níbẹ̀, ti ọkọ wà níbẹ̀, àwọn tó ń tẹ fọ́tò fún àlejò lójú ẹsẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Gbogbo wọn ló ń pe fíláàṣì tìrẹ láìmọ̀. Nígbà tó bá fi máa kàn ọ́ láti tẹ tìẹ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn fún ẹlòmíràn tán ni, iná ò tíì kún inú rẹ̀ padà. Bó bá tàn pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù lọ, ó máa ń gbà á tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kó tó kún, ìyẹn bí bátìrì bá ṣì lágbára o. Bí bátìrì bá ti ń rẹ̀, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí onífọ́tò kan bá sì ń wò ọ́ ní ìwòkuwò lọ́jọ́ náà, má bínú sí i: iná tìrẹ ló ń ya wọ inú fọ́tò tirẹ̀.

S2 fẹ́ fara jọ S1, àmọ́ kì í dá iná àkọ́kọ́ lóhùn. Fíláàṣì tó bá wà ní TTL, níbi tí kámẹ́rà ti ń bá a yan iye iná, máa ń kọ́kọ́ ju iná kékeré kan jáde láti fi wọn ibi tó fẹ́ yà, kó tó wá tàn gan-an. Ojú èèyàn kì í sábà rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni. S1 á bá ti àkọ́kọ́ tàn, iná rẹ̀ á sì ti lọ kí ṣọ́tà tó ṣí. S2 á fo ìyẹn, á dúró de èkejì.

Nítorí náà, gbé e sí M. Lẹ́yìn náà, bọ́ sí ibi tí kò sí onífọ́tò mìíràn, kí o sì tẹ kámẹ́rà. Bí kò bá tàn, ṣùgbọ́n tí bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ ń mú un tàn, ibi tí ẹsẹ̀ àti họ́ọ̀tù-ṣúù ti pàdé ni kí o yẹ̀ wò. Tì í wọlé tán pátápátá, kí o sì dè é pa. Bó bá ṣì kọ̀, yọ ọ́, fi aṣọ gbígbẹ tó mọ́ nu irin àárín méjèèjì. Àágùn àti atẹ́gùn ọ̀sà tí ẹ ní níbẹ̀ yẹn máa ń jẹ́ kí irin dọ̀tí láìjẹ́ kí ojú rí i.

Ìbéèrè: M ló wà báyìí, ó sì ti ń jẹ́ tèmi. Àmọ́ fọ́tò kan á funfun bí ẹfun, èyí tó tẹ̀ lé e á ṣókùnkùn. Iye wo gan-an ni kí n gbé e sí?

Ìdáhùn: Ní M, fíláàṣì kì í ronú. Iye iná tí o bá ní kó jù ló máa jù, yálà ìyàwó wà níwájú rẹ tàbí ó ti rìn lọ sídìí kéèkì. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò rẹ fi ń yàtọ̀ síra: ìwọ ń súnmọ́ wọn, ò ń jìnnà sí wọn, iye iná kò yí padà.

Lójú gíláàsì ẹ̀yìn, 1/1 ni agbára tó pọ̀ jù, 1/2 jẹ́ ìdajì rẹ̀, 1/4 jẹ́ ìdajì ìyẹn, ó ń lọ sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé 1/128 lára ọ̀pọ̀ wọn. Ìwé tó bá fíláàṣì wá máa ń ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní GN, tó ń sọ bí iná rẹ̀ ṣe lè dé ibi jíjìn tó. Má lo èyí tó tóbi tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí, ti súùmù tó gùn jù lọ nìyẹn. Wo ti súùmù 35. Jẹ́ ká ní 40 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ní mítà, fún ISO 100.

Ó yá, ká ṣe é pọ̀. O wà nínú gbọ̀ngàn lálẹ́, o gbé súùmù fíláàṣì sí 35, o sì kọjú rẹ̀ tààrà sí tọkọtaya. Kámẹ́rà wà ní M, 1/125, f/5.6, ISO 400. O gbé fíláàṣì sí 1/16. Ní 1/16, nọ́ńbà 40 yẹn á di 10, torí pé bí agbára bá dín sí ìdá mẹ́rin, nọ́ńbà náà á dín sí ìdajì, ìgbà méjì nìyẹn sì ṣẹlẹ̀ níbí. ISO 400 á sọ 10 di 20. Wá pín 20 sí 5.6, wàá rí mítà mẹ́ta ààbọ̀. Ẹni tó bá dúró níbi mítà mẹ́ta ààbọ̀ sí ọ, fọ́tò rẹ̀ á gún régé. Bó bá sún lọ sí mítà méje, agbára tó o nílò kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni: 1/4. Bó bá sún mọ́ ọ tó mítà méjì dín díẹ̀, 1/64 ti tó.

O ò ní máa ṣírò báyìí láàárín òde, kò sẹ́ni tó ń ṣe é. Yan ibi tí wàá máa dúró sí, kí o jẹ́ kó mọ́ ọ lára, kí o sì máa fi ẹsẹ̀ rẹ wá a. Èmi tilẹ̀ fẹ́ràn kí ISO wà ní 800, kí fíláàṣì sì wà ní 1/32. Bákan náà ni iná náà ṣe máa rí lójú èèyàn, ṣùgbọ́n fíláàṣì á tètè kún padà, bátìrì á sì dé ìgbà tí wọ́n bá ń ná owó fún ìyàwó.

Ṣọ́tà ńkọ́? Kì í yí iná fíláàṣì padà, torí pé fíláàṣì ti tàn tán kí ṣọ́tà tó pa dé. Iná gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀ ni ṣọ́tà ń bá wí. Bí ẹ̀yìn tọkọtaya bá dúdú jù, tí ọ̀ṣọ́ tí wọ́n náwó lé lórí kò hàn, sọ 1/125 di 1/60. Ojú wọn ò ní yí padà tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn wọn ló máa mọ́lẹ̀ sí i.

Bí o bá kọjú fíláàṣì sókè kí iná lè ti àjà padà wá, ó máa rọ̀ lójú, àmọ́ fi ìpele méjì tàbí mẹ́ta kún agbára rẹ̀, bíi láti 1/16 sí 1/4 tàbí 1/2. Kọ́kọ́ wo àjà yẹn o. Bí wọ́n bá ta aṣọ àwọ̀ àlùkò síbẹ̀, àwọ̀ yẹn ló máa bọ́ sórí gèlè gbogbo ènìyàn.

Ìbéèrè: Lọ́sàn-án ọdún Káyókáyọ̀ ńkọ́? Oòrùn mú, fìlà ṣíji bo ojú àwọn èèyàn, mo wá gbé ṣọ́tà sí 1/500. Ìsàlẹ̀ fọ́tò kò rí fíláàṣì rárá. Canon 600D ni mò ń lò.

Ìdáhùn: 1/500 yẹn ló fà á. Ṣọ́tà kámẹ́rà rẹ ní aṣọ méjì: àkọ́kọ́ ń ṣí, èkejì ń tẹ̀ lé e láti bò. Títí dé 1/200 lára 600D, ìgbà kan wà tí gbogbo ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ pátápátá, ìgbà yẹn ni fíláàṣì ń tàn. Tó bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, aṣọ kejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó kí àkọ́kọ́ tó dé òpin. Inú gbọ̀ngàn lálẹ́, apá ibẹ̀ á dúdú kirikiri, kò sẹ́ni tí ò ní rí i. Lójú oòrùn, ó máa ń fara sin: ibẹ̀ kì í dúdú, ó kàn dà bíi pé fíláàṣì ò dé ibẹ̀ ni, èèyàn á sì máa dá bátìrì lẹ́bi. Fíláàṣì tí kámẹ́rà dá mọ̀ máa ń jẹ́ kó fúnra rẹ̀ dín ṣọ́tà kù sí 1/200. Tìrẹ tó jẹ́ irin àárín nìkan ló ní, kámẹ́rà ò mọ̀ pé ó wà lórí òun.

Lọ́sàn-án gangan, gbé e sí ISO 100, 1/200, f/11. Ìyẹn bá oòrùn tó mọ́lẹ̀ kedere mu. Pẹ̀lú GN 40 kan náà, 1/2 á dé nǹkan bíi mítà méjì ààbọ̀. Sún mọ́ wọn, kí o sì lo 1/4 bí o bá kàn fẹ́ kí òjìji abẹ́ fìlà dín kù, láìjẹ́ kí ojú wọn máa dán.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ yá fíláàṣì mi fún Canon 2000D tirẹ̀. Kò tàn lórí rẹ̀ rárá.

Ìdáhùn: Kò ní tàn. Họ́ọ̀tù-ṣúù 2000D kò ní irin àárín tí mo sọ lókè yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 4000D àti 250D. Àwọn irin kéékèèké tó kù ni wọ́n fi ń bá fíláàṣì Canon sọ̀rọ̀, tìrẹ ò sì ní wọn. Bó bá fẹ́ lo tìrẹ lọ́nàkọnà, kó gbé e sórí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó gbé e sí S2, kó sì ṣí fíláàṣì inú kámẹ́rà rẹ̀ sókè láti máa pè é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi ìgbéyàwó. Bó bá sì ń lọ ra tirẹ̀, kó gbé kámẹ́rà yẹn dání lọ, kó gbé fíláàṣì náà lé e, kó sì tẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó.