Òwú àti rúlà: bí a ṣe ń rí góńgó irun òkè ojú

Tí òde àríyá ọjọ́ Àbámẹ́ta bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn tó ń kunjú ní Bódìjà àti Mọ́kọ́lá kì í fi bẹ́ẹ̀ sinmi. Ìlà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń to irun òkè ojú, láti ẹ̀gbẹ́ imú ni gbogbo rẹ̀ sì ti ń gbéra. Tí pẹ́ńsùlù bá dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ibi tó kàn lókè ni orí irun. Tó bá dagun gba etí òde dúdú ojú, góńgó nìyẹn, níbi tí irun ti ń tẹ̀ bí ọrun. Tó bá gba igun òde ojú, ìrù nìyẹn.

Imú tóóró ni ìlà àkọ́kọ́ yìí bá mu. Ẹ jẹ́ ká mú ojú kan tí imú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 42, tí àlàfo láàárín igun inú ojú méjèèjì sì jẹ́ 34. Ẹni tó bá tẹ̀ lé imú yóò fá mìlímítà 4 dànù ní orí irun ọ̀tún, 4 ní ti òsì. Àárín ojú á wá ṣófo, imú á sì tún dà bíi pé ó fẹ̀ sí i. Ó sàn kí orí irun bẹ̀rẹ̀ lókè igun inú ojú gan-an.

Nígbà tí orí bá ti yí padà, òwú ló kù tí a ó fi wá góńgó. Ẹ tẹ́ ẹ sórí irun láti orí dé ìrù, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ mìlímítà 48, ẹ pín in sí mẹ́ta: ìdá méjì, ìyẹn 32, ni góńgó wà sí orí, 16 ni ti ìrù. Ẹ fi ìlà dúdú ojú yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọn kò bá jìnnà síra ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ, ẹ tẹ̀ lé òwú. Góńgó tó bá sún mọ́ orí jù máa ń jẹ́ kí ènìyàn dà bí ẹni tí ẹnu ń yà ṣáá.

Ní ti gíga rẹ̀, ojú gígùn kò fẹ́ góńgó tó ga, torí ó tún ń fà á gùn. Ojú róbótó ló gbà á. Ìrù kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju ìsàlẹ̀ orí irun lọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ojú á rẹ̀wẹ̀sì.

Jíjókòó ni ká fi wọ̀n ọ́n, kí ojú wo iwájú gbọnrangandan, torí awọ máa ń yẹ̀ téèyàn bá dùbúlẹ̀. Ẹ má fi kámẹ́rà fóònù tó sún mọ́ ojú ṣe é. Ó ń mú imú tóbi ju bó ṣe rí lọ. Pẹ́ńsùlù ni kó kọ́kọ́ ya gbogbo ààlà kí abẹ tó kàn án. Tí apá kan bá ga ju èkejì lọ díẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsùlù kún èyí tó kéré, nítorí ẹni tó bá ń fá ọ̀tún kó lè bá òsì dọ́gba, tó tún padà sí òsì, kì í pẹ́ tí irun fi ń tán.