Ọjọ́ Ọjà Nìkan Ló Ń Kiri, Kí Ló Dé Tí Ìṣirò Kò Yé E?

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì kẹrin. Ọjà ọrọọrún nìkan ló ń bá mi kiri ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ. Ọjọ́ yòókù, ilé ìwé ló ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí olùkọ́ rẹ̀ ń sọ pé ìṣirò kò yé e mọ́?

Ìdáhùn: Mọ́mì, ẹ mú kàlẹ́ńdà, ká jọ kà á. Bí ọjà bá bọ́ sí Ajé, Ẹtì ni wọ́n tún máa ná an, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ajé. Ọjà méje nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún nínú rẹ̀ ló sì bọ́ sí ọjọ́ ilé ìwé. Bí sáà bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12, ọjọ́ 15 ló ti pa jẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko!

Ọjọ́ yìí tún ń sún kiri, ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ ìdá lọ́jọ́ Ajé. Ó pín bébà sí mẹ́rin ọgbọọgba, ó ní ìpín kan nínú rẹ̀ ni 1/4. Ọmọ yín wà lọ́jà. Nígbà tó dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti ń ro ìdá pọ̀ mọ́ ìdá. Òǹkà méjì tó gun ara wọn lórí ló rí. Bí wọ́n bá ní kó ro 1/4 mọ́ 1/4, yóò ro ti òkè pọ̀, yóò ro ti ìsàlẹ̀ pọ̀, yóò sì kọ 2/8, èyí tí kò ju 1/4 kan ṣoṣo lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì tí olùkọ́ fẹ́ ṣe àtúnyẹ̀wò, ọjà tún ti dé.

Ẹ má fi ìwé iṣẹ́ rẹ̀ tó kún tan ara yín jẹ, torí ọmọ lè da gbogbo ohun tó wà lójú pátákó kọ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ fún un ní búrẹ́dì, kó fi 1/4 hàn yín.

Ìbéèrè: Ọjà yẹn náà ni mo fi ń ra ìwé fún un. Ṣé kó kúkú máa kiri ní Àbámẹ́ta àti Àìkú nìkan?

Ìdáhùn: Mo mọ̀ pé owó le. Ṣùgbọ́n Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kò fàyè gba kí ọmọdé máa kiri ọjà lọ́jọ́ kankan. Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ nínú ilé tàbí lóko ẹbí kò burú, nítorí náà ó lè bá yín nu ewé ní ìrọ̀lẹ́, kó sì tètè sùn. Ní ti ọjà, ẹ bá ìyá kan tó ní ìsọ̀ sọ̀rọ̀, kó máa bá yín tà, kẹ́ ẹ sì fún un ní tirẹ̀ lórí èyí tó bá tà.

Ẹ wá kọ déètì gbogbo ọjọ́ ọjà sáà yìí sínú bébà, kí ẹ mú un lọ bá olùkọ́. Yóò fi wo ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, yóò sì rí àwọn ibi tó yẹ kó tún kọ́ ọ.